Lítà Kan Erùpẹ̀ Pupa

Níbi tí wọ́n ti ń wa erùpẹ̀ pupa fún iṣẹ́ ọ̀nà nílẹ̀ Yorùbá, ohun èlò kékeré kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́bù máa ń gbé dání wá kí kàtápílà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sílíńdà irin ni. Inú rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 100, ó ga ní mílímítà 127.4, etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ sì mú. Wọ́n á gbé adé irin lé e lórí, wọ́n á máa gbá a wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí erùpẹ̀ yóò fi kún inú rẹ̀, wọ́n á wa ilẹ̀ àyíká rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó gbé e jáde, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ gé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tó kù nínú rẹ̀ jẹ́ lítà kan gééré, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì 1,000.

Láti inú lítà kan yìí, ẹnjiníà lè sọ bí àlàfo inú ilẹ̀ náà ti pọ̀ tó, iye omi tó wà nínú àlàfo náà, bí ilẹ̀ ọ̀hún yóò ti wúwo tó nígbà tí òjò bá rin ín, àti iye erùpẹ̀ tí típà gbọ́dọ̀ kó kí ọ̀nà tó ga dé ibi tí wọ́n fẹ́. Ohun mẹ́ta péré ni wọ́n máa wọ̀n. Ìṣirò ni gbogbo ìyókù, kò sì sí èyí tó ju ìsọdipúpọ̀ àti pínpín lọ nínú rẹ̀. Ohun tó dára jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn nọ́ńbà yìí so mọ́ra wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì, àwọn yòókù lè tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jọ ti erùpẹ̀ pupa tí àwọn lẹ́bù sábà máa ń rí. Wọ́n gbé sílíńdà tó kún náà sórí òṣùwọ̀n, wọ́n yọ ìwúwo irin kúrò, ó ku gíráàmù 1,863. Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n bu díẹ̀ nínú erùpẹ̀ náà sínú agolo, ó jẹ́ gíráàmù 230. Wọ́n gbé e sínú ààrò iná mànàmáná ní ìwọ̀n ooru 105 sí 110 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ó sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n tún un wọ̀n, ó di 200. Gíráàmù 30 tó sọnù, omi ni. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń fi bọ́tìlì ṣe: wọ́n á da erùpẹ̀ gbígbẹ sínú rẹ̀, wọ́n á bu omi kún un, wọ́n á fa gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n á sì fi ìwúwo rẹ̀ wé ti bọ́tìlì tó kún fún omi lásán. Èyí ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ ìlọ́po ìgbà tí horo erùpẹ̀ fi wúwo ju omi tó gba àyè kan náà. Fún erùpẹ̀ tiwa yìí, ó jẹ́ 2.70. Àwọn ẹnjiníà ń pè é ní Gs.

Iṣẹ́ òṣùwọ̀n parí síbẹ̀. Ó wá ku kí wọ́n pín lítà kan náà sí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mẹ́ta ni wọ́n: horo, omi àti afẹ́fẹ́. Horo ni òkúta wẹ́wẹ́, iyanrìn àti amọ̀ tó fara ti ara wọn. Àlàfo tó wà láàárín wọn ni omi àti afẹ́fẹ́ jọ ń pín. Horo wúwo, ó sì gba àyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi. Afẹ́fẹ́ gba àyè, àmọ́ òṣùwọ̀n kò mọ̀ ọ́n rárá. Ibi tí ìṣòro wà nìyí, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè wọn afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ ní tààrà pẹ̀lú àwọn ohun èlò yìí. Ńṣe ni wọ́n máa ń wá horo àti omi rí ná, kí wọ́n tó mọ̀ pé ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú lítà náà ni afẹ́fẹ́.

Nínú agolo, omi gíráàmù 30 wà pẹ̀lú horo gíráàmù 200, ìyẹn ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n omi nìyẹn, tí wọ́n ń fi w dúró fún. Bí gbogbo lítà náà bá rí bí èyí tó wà nínú agolo, 1,863 tí a pín sí 1.15 ni horo rẹ̀, ìyẹn gíráàmù 1,620, omi sì jẹ́ gíráàmù 243. Gíráàmù omi kan gba sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, nítorí náà omi gba 243. Horo gba 1,620 tí a pín sí 2.70, ìyẹn 600. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 843. Ó ku 157 kí lítà náà tó pé, afẹ́fẹ́ ló sì gba ìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé horo ni wọ́n fi pín omi, kì í ṣe gbogbo erùpẹ̀ tútù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ lẹ́bù ni pé wọ́n á fi 1,863 pín 243, wọ́n á rí 13 dípò 15, gbogbo ìṣirò tó bá tẹ̀ lé e yóò sì wọ́. Ìdí tí wọ́n fi yan horo gbígbẹ ni pé òun ni kì í yí padà: òjò lè rọ̀, oòrùn lè ràn, ìwúwo horo kò ní kúrò lójú kan. Ìdí yìí náà ló fi ṣeé ṣe kí ìwọ̀n omi ilẹ̀ kan ju 100 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, láìsí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Amọ̀ tó wà lábẹ́ ìlú Mẹ́síkò, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún odò àtijọ́, máa ń ní omi tó ju ìlọ́po méjì ìwúwo horo rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ti ń fa omi kànga lábẹ́ ìlú náà ni amọ̀ yìí ń sún kì, tí àwọn ilé ńlá ibẹ̀ sì ń rì.

Ní báyìí tí àyè ti pín, àwọn ìwọ̀n yòókù kò le mọ́. Àlàfo inú lítà wa jẹ́ 400, ìyẹn omi 243 àti afẹ́fẹ́ 157. Bí wọ́n bá fi gbogbo lítà náà pín in, ó jẹ́ 0.40: ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà ni kò ní horo. Ìpín àlàfo nìyẹn, n ni àmì rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi horo nìkan pín in, 400 sí 600, ó di 0.667. Èyí ni ìfiwéra àlàfo mọ́ horo, e ni àmì tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti mọ èkejì:

```
n = e / (1 + e) = 0.667 / 1.667 = 0.40
```

Bí méjèèjì bá ń sọ ohun kan náà, kí ló dé tí wọ́n fi ń lo méjì? Ojú tí ènìyàn fi ń wo ilẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ iye omi tí ilẹ̀ lè gbà mọ́ra, bí àwọn onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ àti àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn, á rí ìrọ̀rùn nínú n. Ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù lé ilẹ̀ lórí nílò e. Nígbà tí ilé bá tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, horo kì í sún kì, àlàfo ló ń dín kù. Bí ó bá jẹ́ n ni wọ́n ń lò, àlàfo ń dín kù lókè, gbogbo ilẹ̀ náà tún ń dín kù nísàlẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ ìdá náà yóò sì jọ máa yí. Nínú e, 600 dúró ṣinṣin nísàlẹ̀. Karl Terzaghi, ẹnjiníà tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí bí ilẹ̀ ṣe ń ṣe lábẹ́ ẹrù jáde ní Fìẹ́nà ní 1925, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìmọ̀ yìí, e ló fi ń ṣírò bí amọ̀ ṣe ń kì. Títí dòní, e ni wọ́n fi ń ṣírò bí ilé yóò ti rì tó.

Ìwọ̀n tó ṣẹ́ kù ni ti ìkún, S. Nínú àlàfo 400, omi gba 243, ìyẹn nǹkan bí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilẹ̀ gbígbẹ pátápátá, òdo ni ìkún rẹ̀. Ilẹ̀ tí omi ti lé gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, 100 ni. Láàárín òdo àti 100 yìí ni gbogbo ilẹ̀ ayé wà, kò sì sí èyí tó lè kọjá 100, nítorí omi kò lè gba àyè tó ju àlàfo tó wà lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Òfin tó so gbogbo wọn pọ̀ kúrú. Omi inú ilẹ̀ kan náà ni S àti e ń sọ nípa àyè tó gbà, òun náà ni w àti Gs ń sọ nípa ìwúwo rẹ̀:

```
S × e = w × Gs
0.6075 × 0.667 = 0.15 × 2.70 = 0.405
```

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwúwo ti wọlé. Gíráàmù ni òṣùwọ̀n lẹ́bù ń sọ, àmọ́ agbára tó ń tì í ni ògiri tó dá ilẹ̀ dúró ń fara gbà, nítorí náà wọ́n á fi 9.81 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di kílóníútìnì. Gíráàmù 1,863 nínú lítà kan jẹ́ kílógíráàmù 1,863 nínú mítà kúbíìkì kan, ìyẹn kílóníútìnì 18.28. Bí gbogbo omi rẹ̀ bá gbẹ, tí àyè rẹ̀ kò sì yí padà, ó kù 15.89. Bí omi bá kún gbogbo àlàfo rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á di 19.82.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé lítà yìí wọ inú òjò. Lóṣù Kejì, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí wọ́n gé lóròó dúró gangan, ìkún rẹ̀ kò ju 61 lọ. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ léraléra, omi lè gba àyè gbogbo afẹ́fẹ́ náà. Lítà omi 157 wọ inú mítà kúbíìkì kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn gbé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta kalẹ̀ sórí rẹ̀. Ìwọ̀n omi rẹ̀ kúrò ní 15, ó di 24.7 nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ ilẹ̀ náà kò ga sí i, kò sì fẹ̀ sí i, ẹni tó ń kọjá kò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Àmọ́ ẹrù tó lé sí i kọ́ ni ewu tó tóbi jù. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ṣì wà nínú àlàfo, omi díẹ̀ tó wà níbi tí horo ti pàdé máa ń fa wọn mọ́ra. Ìfàmọ́ra yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ilẹ̀ pupa gígé dúró lóròó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ìkún bá ti ń sún mọ́ 100, ìfàmọ́ra náà ń lọ. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá sì gòkè bo ilẹ̀ náà, omi ọ̀hún á gbé díẹ̀ nínú ìwúwo horo dání. Wọ́n á yọ 9.81 tó jẹ́ ti omi kúrò nínú 19.82, ìwúwo tí horo fi ń tẹ ara wọn á sì kù sí 10.01 péré. Bí horo bá ti ń tẹ ara wọn tó ni wọ́n fi ń di ara wọn mú. Nítorí náà òjò kan náà ló ń mú kí ilẹ̀ wúwo sí i, òun náà ló sì ń mú kó ṣòro fún un láti dúró.

Wàyí o, kàtápílà ti dé. Wọ́n fẹ́ fi erùpẹ̀ yìí gbé ọ̀nà ga, wọ́n sì fẹ́ kí róólà tẹ̀ ẹ́ títí horo gbígbẹ inú lítà kan yóò fi di gíráàmù 1,800 dípò 1,620 tó wà nílẹ̀. Horo tó wúwo tó 1,800 gba àyè 667, àlàfo á kù 333, e á wá sílẹ̀ sí 0.50. Bí omi bá ṣì jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ìkún á ti di 81. Ẹ wò ó pé kò sí omi kankan tí wọ́n fi kún un. Afẹ́fẹ́ ni róólà tẹ̀ jáde, ìkún sì gòkè fúnra rẹ̀.

Owó wà nínú ìṣirò yìí, àríyànjiyàn sì máa ń wà lórí rẹ̀. Ká sọ pé mítà kúbíìkì 1,000 ni ọ̀nà títẹ̀ náà. Horo gbígbẹ tó máa wà nínú rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 1,800. Nínú ihò tí wọ́n ti ń wà á, horo yẹn wà nínú mítà kúbíìkì 1,111. Nígbà tí wọ́n bá tú u, tí wọ́n dà á sẹ́yìn típà, ó á tú ká. Bí e rẹ̀ bá di 1.0, horo kan náà á gba mítà kúbíìkì 1,333. Ọ̀nà, ihò àti típà ń sọ nọ́ńbà mẹ́ta, kò sì sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ẹni tó bá ń san owó fún ẹyìn típà, tó wá ń retí pé kóun rí iye kan náà lójú ọ̀nà, á rò pé wọ́n ti ja òun lólè. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn ni ibi tí wọ́n ti máa wọn erùpẹ̀ náà.

Àyẹ̀wò tó kàn ló fi hàn bí ìmọ̀ yìí ṣe ń ṣọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí róólà ti kọjá, lẹ́bù kọ̀wé pé horo gbígbẹ inú lítà kan ti di gíráàmù 1,950, pé omi rẹ̀ jẹ́ 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú kọ̀ǹtírákítọ̀ dùn, nítorí nọ́ńbà náà ga ju ohun tí wọ́n béèrè lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pín in. Horo 1,950, bí Gs bá jẹ́ 2.70, gba àyè 722. Àlàfo ku 278. Omi ìdá 16 nínú 1,950 jẹ́ 312. Wọ́n ti fi omi 312 sínú àlàfo 278. Ìkún jẹ́ 112 nínú ọgọ́rùn-ún, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì sí.

Ibi tí àṣìṣe lè ti wọlé pọ̀. Bóyá ibi tí tánkà ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí ni wọ́n ti bu erùpẹ̀ inú agolo, tí sílíńdà sì wá láti ibòmíràn. Bóyá etí sílíńdà ti wọ́, tí kò gba lítà kan gééré mọ́, tàbí wọ́n fi agbára gbá a jù, tí ilẹ̀ inú rẹ̀ fi kì ju ti ìta lọ. Bí òkúta yangí bá pọ̀ nínú erùpẹ̀ náà, sílíńdà kò yẹ ibẹ̀ rárá. Ńṣe ni wọ́n ń gbẹ́ ihò kékeré, wọ́n á wọn erùpẹ̀ tó jáde, wọ́n á sì fi iyanrìn gbígbẹ tí wọ́n ti mọ ìwúwo rẹ̀ kún ihò náà láti mọ bó ti tóbi tó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tètè pe òṣìṣẹ́ lẹ́bù ní òpùrọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Gs ló ṣì. Irin pọ̀ nínú àwọn erùpẹ̀ pupa kan, horo wọn sì máa ń wúwo ju 2.70 lọ. Bí Gs bá jẹ́ 2.90, horo 1,950 kò gbà ju 672 lọ, àlàfo á jẹ́ 328, omi 312 á rí àyè, ìkún á sì di 95. Nọ́ńbà tó dà bí irọ́ á wá di òótọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lo 2.65 tàbí 2.70 fún gbogbo ilẹ̀ láìgbé bọ́tìlì kalẹ̀ ló ń fa irú wàhálà yìí, bọ́tìlì ọ̀hún kò sì wọ́n.

Ààrò pẹ̀lú lè tan ènìyàn jẹ. Amọ̀ kan wà nínú àwọn ilẹ̀ olóoru tó mú omi mọ́ inú horo rẹ̀ gan-an, kì í ṣe inú àlàfo. Ooru 105 á lé omi yẹn jáde, òṣùwọ̀n á sì kà á mọ́ omi àlàfo. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbẹ nínú ooru tó rọra, bíi 50, tí wọ́n á fi wé èyí tó gbẹ ní 105. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá pọ̀, wọ́n ti mọ irú amọ̀ tó wà níwájú wọn.

Terzaghi kọ̀wé ní 1958 lórí irú amọ̀ yìí, èyí tí wọ́n fi kọ́ ìdídò Sasumua ní Kẹ́ńyà, ìdídò tó ń pèsè omi fún Náíróbì. Omi amọ̀ náà pọ̀, ìwúwo gbígbẹ rẹ̀ kéré, e rẹ̀ ga. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà nìkan á ní kí wọ́n kó o dànù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò, ó lágbára, kò sì jẹ́ kí omi tètè gba inú rẹ̀ kọjá. Àlàyé Terzaghi ni pé amọ̀ náà ti ṣùpọ̀ di horo kéékèèké tó le, apá kan nínú omi tí òṣùwọ̀n ń rí sì wà nínú ìṣùpọ̀ wọ̀nyẹn, níbi tí kò ti lè mú kí ilẹ̀ rọ̀.